Ọmọ mi yẹ ìdáhùn rẹ̀ wò, ó bá mu, síbẹ̀ olùkọ́ fà á já: 12x − 7y = 50 àti 18x − 5y = 64

Ìyá Ìbejì Tákíẹ́ (Àìkú, 7:12 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ ló gbé mi wá. Táyé mi wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ girama àgbà níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ìdọ́gba méjì tí wọ́n ń yanjú pọ̀, èyí tí àwa ń pè ní sáímúténíọ́ọ̀sì nígbà tiwa. Tí nọ́ńbà bá rọrùn, bíi x + y = 10 àti x − y = 4, ó ń ṣe é bí ẹni mumi. Èyí ló dà á láàmú:

```
12x − 7y = 50   (1)
18x − 5y = 64   (2)
```

Wọ́n ní kí wọ́n pa lẹ́tà kan rẹ́. Ó sọ (1) di ìlọ́po 3, ó sọ (2) di ìlọ́po 2, kí x lè di 36x lápá méjèèjì. Ó yọ ìsàlẹ̀ kúrò nínú òkè, ó ní −31y = 22, y wá jẹ́ −22/31. Ó fi y yìí wá x, x jáde ní 349/93.

Ojú mi ò gba ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n ọmọ ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi nọ́ńbà méjèèjì sípò x àti y níṣojú mi, 50 ló jáde gẹ́lẹ́. Èmi náà tún un ṣe lórí kàlúkúlétọ̀ fóònù, 50 ni. Nígbà tí wọ́n dá ìwé padà lọ́jọ́ Jímọ̀, báírò pupa ti fà á já láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí àlàyé kankan. Ọmọ sunkún.

Ẹ jọ̀wọ́, tí ìdáhùn bá ti bá ìdọ́gba mu, kí ló tún kù tó fi jẹ́ pé ó kùnà?

Ọmọ Òkèèlèrìn (Àìkú, 7:31 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Pípa x rẹ́ ló kó bá a. Nọ́ńbà tó kéré ni kéèyàn máa lé. Ẹ wò ó, 12 àti 18 ló wà níwájú x, 7 àti 5 ló wà níwájú y. Ta ni yóò fi 7 àti 5 sílẹ̀ tí yóò lọ máa bá 12 àti 18 jà? Ẹ sọ (1) di ìlọ́po 5, kí ẹ sọ (2) di ìlọ́po 7:

```
 60x − 35y = 250
126x − 35y = 448
```

Ẹ yọ òkè kúrò nínú ìsàlẹ̀: 66x = 198, x = 3. Ó parí.

Àgbà Olùkọ́ Ọ̀yọ́ (Àìkú, 7:58 alẹ́)

Ọmọ Òkèèlèrìn, 3 yẹn tọ̀nà, àmọ́ ìdí tí o fi yan y kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kì í ṣe nọ́ńbà tó wà níwájú lẹ́tà ló ń sọ bí iṣẹ́ yóò ṣe pọ̀ tó. Ohun tí a fẹ́ fi ṣe ìlọ́po ni. 7 àti 5 kò ní ohunkóhun pọ̀, nítorí náà o ní láti fi 5 àti 7 gan-an ṣe ìlọ́po. 12 àti 18 ńkọ́? 6 wọ inú àwọn méjèèjì láìṣẹ́kù. Nọ́ńbà tó kéré jù tí àwọn méjèèjì ń wọ̀ ni 36, ìlọ́po 3 àti ìlọ́po 2 péré ló gbà. Ìwọ ti ń bá 126 àti 448 fínra, ẹni tó pa x rẹ́ kò kọjá 150. Ohun tí Táyé yàn dára. Ibòmíràn ló ti ṣubú.

Ìyá Ìbejì, kí n tó sọ̀rọ̀ jù, ẹ bá mi bi í: nígbà tó fẹ́ wá x, inú ìdọ́gba wo ló fi y sí? Nígbà tó sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, inú èwo ló fi wọ́n sí?

Ìyá Ìbejì Tákíẹ́ (Àìkú, 8:09 alẹ́)

Ó ní inú (1) lòun ti wá x, inú (1) náà lòun ti yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé òun ni nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù. Ṣé ó burú ni, sà?

Àgbà Olùkọ́ Ọ̀yọ́ (Àìkú, 8:51 alẹ́)

Ibi tí mo fura sí nìyẹn, mà. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí àṣìṣe gbà wọlé. 31 tó wà nísàlẹ̀ ìdá yẹn ló tú àṣírí fún mi, torí 21 àti 10 ló máa ń di 31. Lẹ́yìn ìlọ́po, ohun tó wà níwájú Táyé ni:

```
36x − 21y = 150
36x − 10y = 128
```

Ó yọ 36x nínú 36x, ó tán. Ó yọ 128 nínú 150, ó ku 22. Kò sí wàhálà títí dé ibẹ̀. Nígbà tó dé orí y, ó rí àmì àyọkúrò níwájú 10y, ó sì rò pé àmì yẹn gan-an ni iṣẹ́ yíyọ tí òun fẹ́ ṣe. Ó wá kọ −21y − 10y, ó di −31y. Ṣùgbọ́n 10y ló ni àmì yẹn láti ilé rẹ̀ wá. Iṣẹ́ yíyọ tiwa tún wà lọ́tọ̀. Ohun tó yẹ kó kọ ni −21y − (−10y).

Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ níbí nìyí. Àmì àyọkúrò níwájú nọ́ńbà, gbèsè ni. Obìnrin kan jẹ gbèsè 21 lọ́jà Akẹ̀sán. Ẹnì kan dé, ó yọ gbèsè 10 kúrò lọ́rùn rẹ̀. Èló ló kù tó jẹ? Kò sí ọmọ tó máa dáhùn 31. Gbèsè 11 ló kù. Nítorí náà −11y = 22, y = −2. Ẹ gbé e sínú (1): 12x + 14 = 50, 12x = 36, x = 3. Ohun kan náà tí Ọmọ Òkèèlèrìn rí nìyẹn.

Ìkejì ni ìbéèrè yín gan-an, òun ló sì ṣe pàtàkì sí mi jù, torí pé mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa tó ṣì ń ṣubú síbẹ̀. Kí ló dé tí ìdáhùn tó kùnà fi bá (1) mu? Nígbà tí Táyé ń wá x láti inú (1), ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wá x tí yóò mú kí (1) di 50. Ó rí i. Tó bá tún wá padà sínú (1) láti yẹ̀ ẹ́ wò, 50 náà ni yóò bá, kò sí bí kò ṣe ní bá a. Ẹ gbìyànjú y èyíkéyìí tó bá wù yín. Ẹ sọ pé y = 100, tí kò bá ohunkóhun mu. Inú (1) yóò fún yín ní 12x = 750, x = 62.5. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú (1): 750 − 700 = 50. Ó bá mu! Inú (2) ńkọ́? 1125 − 500 = 625. 64 ni wọ́n sì béèrè.

Ẹni tó pẹjọ́ kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Ìdọ́gba tí a fi wá x ti di olùpẹjọ́. Èkejì ni ẹlẹ́rìí. Ẹ jẹ́ ká pe ẹlẹ́rìí sí ìdáhùn àkọ́kọ́ ti Táyé: 18 lọ́nà 349/93 jẹ́ 2094/31, −5 lọ́nà −22/31 jẹ́ 110/31. Àpapọ̀ wọn ni 2204/31, ìyẹn 71 àti díẹ̀. Kò sún mọ́ 64 rárá. Ká ní ó ṣe èyí lálẹ́ ọjọ́ náà, ì bá ti mọ̀ kó tó kó ìwé sílẹ̀.

Ti ìdáhùn tó tọ̀nà rèé: 18 lọ́nà 3 jẹ́ 54, −5 lọ́nà −2 jẹ́ 10, àpapọ̀ 64. Ẹlẹ́rìí jẹ́rìí.

Ìyá Ìbejì Tákíẹ́ (Àìkú, 9:04 alẹ́)

Háà! Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ti y = 100 yẹn ló ṣí mi lójú. Mo ti gbé fóònù fún un, ó ń kà á lọ́wọ́.

Ọmọ Òkèèlèrìn (Àìkú, 9:15 alẹ́)

Àgbà, mo gbà fún yín lórí ìlọ́po. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan. Ẹ padà wo ọ̀nà tèmi. Lẹ́yìn tí −35y ti pa −35y rẹ́, ohun tó kù ni 126x àti 60x, kò sí àmì àyọkúrò níwájú ìkankan. Kò sí gbèsè nínú ohun tó kù láti yọ. Táyé kì bá tí ṣubú tó bá gba ọ̀dọ̀ mi, bí nọ́ńbà tilẹ̀ tóbi. Fún ọmọ tí àmì ń dà láàmú, ṣé kò sàn kó fara da 448 ju kó tún pàdé −21y − (−10y)?

Àgbà Olùkọ́ Ọ̀yọ́ (Àìkú, 9:22 alẹ́)

Òótọ́ lo sọ, mi ò sì ronú kàn án. Tí lẹ́tà tó máa kù kò bá ní àmì àyọkúrò, ọ̀nà náà mọ́ ju tèmi lọ. Síbẹ̀ mo ń bẹ̀rù 7 lọ́nà 64 lọ́wọ́ ọmọ tí kò ní kàlúkúlétọ̀ nínú ìdánwò ju bí mo ṣe ń bẹ̀rù gbèsè lọ. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Aránṣọ Sábó (Àìkú, 9:40 alẹ́)

Èmi kì í fi àkókò ṣòfò ní tèmi. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, tí ìdáhùn ìdọ́gba bá ti jáde ní ìdá burúkú bíi 349/93, mo ti mọ̀ pé mo ti ṣì í ṣe, n ó kàn bẹ̀rẹ̀ láti òkè ni. Nọ́ńbà pípé ni wọ́n máa ń fi sínú ìbéèrè. Kí Ìyá Ìbejì kàn sọ fún ọmọ pé tó bá rí ìdá, kó pa á rẹ́. Kò nílò yíyẹ̀wò kankan.

Awọnlẹ̀ Ọ̀yọ́ (Àìkú, 10:18 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ níbí ní Ọ̀yọ́ ni mo wà, ojoojúmọ́ la ń bá irú ìdọ́gba báyìí jà.

Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ, ẹ má bínú, òfin yẹn yóò tan ọmọ jẹ. Òótọ́ ni pé ìdá burúkú yẹ kó mú kéèyàn fura. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí:

```
5x + 2y = 8
3x + 4y = 9
```

Ẹ sọ ti òkè di ìlọ́po 2, 10x + 4y = 16. Ẹ yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò, 7x = 7, x = 1. Ti òkè fún wa ní 2y = 3, y sì jẹ́ 3/2. Ìdá ni. Ẹ pe ẹlẹ́rìí: 3 + 6 = 9. Ó tọ̀nà. Ọmọ tó bá gba ìmọ̀ràn yín yóò pa ìdáhùn tó tọ̀nà rẹ́, yóò máa wá àṣìṣe tí kò sí. Nọ́ńbà tí a bá sì wọ̀n ní pápá ò ní jáde ní pípé fún wa láéláé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jà lórí x àti y, mo ní ọ̀nà kẹta. Kí ẹ tó sọ ohunkóhun di ìlọ́po, ẹ kọ́kọ́ yọ ìdọ́gba kan kúrò nínú èkejì bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ wo ohun tó kù. Ẹ mú (1) kúrò nínú (2). 18x − 12x jẹ́ 6x. Gbèsè 5 tí a yọ gbèsè 7 kúrò nínú rẹ̀ di 2 tí kì í ṣe gbèsè mọ́, ìyẹn 2y. 64 − 50 jẹ́ 14. Ẹ wá wò ó:

```
6x + 2y = 14
3x +  y = 7    (3)
```

Ìlà kejì jẹ́ àbọ̀ ti àkọ́kọ́. Báyìí, 1 ló wà níwájú y! Ẹ sọ (3) di ìlọ́po 7, 21x + 7y = 49, kí ẹ rò ó pọ̀ mọ́ (1): 33x = 99, x = 3. Inú (3), 9 + y = 7, y = −2. Ohun tó tóbi jù tí a kọ ni 99. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí báyìí, ìgbà mìíràn wà tí ohun tó kù yóò burú ju èyí tí a ní lọ, tí a ó kàn fi í sílẹ̀. Ìlà kan péré ló ń ná wa láti gbìyànjú.

Tí ẹ bá gba ọ̀nà yìí, inú (1) àti (2) méjèèjì ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé (3) jẹ́ ọmọ tí àwa fúnra wa bí. Tí yíyọ wa bá ti kùnà, (3) kò lè sọ ọ́.

Aránṣọ Sábó (Àìkú, 10:30 alẹ́)

Mo ti gbọ́, àbúrò. Ti 3/2 yẹn bá mi lójijì. Ìfura ni n ó máa pè é báyìí, kì í ṣe ìdájọ́.

Kíláàsì Kẹta Olóríire (Ajé, 6:20 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Èmi náà ní irú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi torí ó yàtọ̀ díẹ̀. Mo sọ 18x − 5y = 64 irú ti Táyé yìí di ìlọ́po 2, mo kọ 36x − 10y, mo sì gbàgbé 64 bó ṣe wà. Apá òsì nìkan ni mo sọ di ìlọ́po. Nígbà tí mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìdọ́gba méjèèjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí mo ti sọ di ìlọ́po ni mo lò, torí pé àwọn ló wà nítòsí lórí ìwé. Ó bá méjèèjì mu! Mo fọwọ́ sọ̀yà pé mo ti gbà á. Olùkọ́ mi ló fi hàn mí pé àwọn ìdọ́gba tí mo ti bà jẹ́ ni mo ń bi léèrè.

Láti ìgbà náà, tí mo bá fẹ́ yẹ ìdáhùn wò, mo máa ń ṣí ìwé ìbéèrè padà, mi ò ní wo ìwé tí mo fi ṣiṣẹ́. Ìyẹn tún ti gbà mí lọ́jọ́ tí mo kọ 5 dípò 6 láti ojú pátákó.

Awọnlẹ̀ Ọ̀yọ́ (Ajé, 6:47 àárọ̀)

O káre, àbúrò. Àṣìkọ láti ojú pátákó yẹn ò ní àyẹ̀wò mìíràn, àfi kéèyàn padà síbi tí ìbéèrè wà.

Mo fẹ́ fi kan kún un nítorí àwọn tó ń bá ojú àmì dẹ́símà pàdé. Ẹnì kan nínú kíláàsì wa gbé 0.12x − 0.07y = 0.5 wá, ó fẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po 100 kí ojú àmì lè lọ. Ó kọ 12x − 7y = 5. Ó sún ojú àmì ẹ̀ẹ̀mejì níwájú x àti y, ó sún un lẹ́ẹ̀kan níbi 0.5, torí pé òǹkà kan ṣoṣo ló rí lẹ́yìn àmì níbẹ̀. 50 ló yẹ kó jẹ́. Ẹ wò ó, ìdọ́gba Táyé náà ni!

Kí ẹ má sì ké nọ́ńbà kù láàárín iṣẹ́. Ká ní Táyé kọ −22/31 sí −0.71, tó kọ x sí 3.75, inú (1) yóò fún un ní 49.97. Yóò ní òǹkà tí òun ké kù ló fà á, kì í sì í ṣe irọ́. Inú (2) yóò fún un ní 71.05. Kò sí òǹkà tí a ké kù tó lè gbé 64 dé 71. Ẹ fi bí àlàfo ṣe tóbi tó mọ èyí tó jẹ́ àṣìṣe yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ìgékù.

Bàbá Kaṣú (Ajé, 1:05 ọ̀sán)

Ẹ kú ọjà o. Mo rí 12 àti 18, mo rò pé iye owó àpò lẹ ń bèèrè, ìgbà tí mo kà á dáadáa ni mo rí i pé iṣẹ́ ilé ìwé ni. Ṣùgbọ́n ó jọ ohun tó ń dà mí láàmú. Mo máa ń kó máńgòrò àti kaṣú láti oko wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Awakọ̀ kan náà ló ń bá mi kó o. Kì í sọ iye tó ń gbà lórí agbọ̀n kan tàbí àpò kan, àpapọ̀ ló máa ń dá lé mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, agbọ̀n máńgòrò 6 àti àpò kaṣú 4, ₦10,000. Lọ́jọ́ kejì, agbọ̀n 9 àti àpò 6, ₦15,500. Mo fẹ́ mọ iye agbọ̀n kan àti iye àpò kan. Ọmọ mi fi ọ̀nà yín ṣe é, ó ní gbogbo rẹ̀ pòórá. Ṣé ọmọ náà ò gbọ́n ni?

Àgbà Olùkọ́ Ọ̀yọ́ (Ajé, 4:32 ìrọ̀lẹ́)

Ọmọ yín gbọ́n, Bàbá. Ohun tó rí ló wà níbẹ̀:

```
6x + 4y = 10000   ìlọ́po 3:  18x + 12y = 30000
9x + 6y = 15500   ìlọ́po 2:  18x + 12y = 31000
```

Ó fẹ́ pa x rẹ́, y bá a lọ. Ohun tó kù ni pé òfo dọ́gba pẹ̀lú 1,000, èyí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí iye agbọ̀n kan àti iye àpò kan tó lè bá ọjọ́ méjèèjì mu. Awakọ̀ yín kò lo iye kan náà lọ́jọ́ méjèèjì, tàbí kó jẹ́ pé ó fi owó mìíràn kún ọ̀kan.

Ọmọ Òkèèlèrìn (Ajé, 4:50 ìrọ̀lẹ́)

Ìyẹn ni pé ó fi ₦1,000 rẹ́ Bàbá jẹ lọ́jọ́ kejì!

Awọnlẹ̀ Ọ̀yọ́ (Ajé, 5:16 ìrọ̀lẹ́)

Rárá, ẹ̀gbọ́n. 1,000 yẹn jáde lẹ́yìn tí a ti sọ ọjọ́ kejì di ìlọ́po 2. ₦500 ló wà níbẹ̀ gan-an. Ẹ wò ó báyìí: ẹrù ọjọ́ kejì jẹ́ ẹrù ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ààbọ̀ rẹ̀, agbọ̀n 6 di 9, àpò 4 di 6. Tí iye bá dúró sójú kan, ₦15,000 ni yóò jẹ́. Ẹ má sì tíì pe awakọ̀ ní olè, ó lè jẹ́ owó àwọn tó gbé ẹrù sọ́kọ̀ ni, tàbí owó páàkì, tàbí kó jẹ́ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ló dín owó kù fún Bàbá. Ìṣirò yìí ò lè sọ èwo ni.

Ká tilẹ̀ ní ₦15,000 ló gbà, a ò ní rí ìdáhùn síbẹ̀. Òfo dọ́gba pẹ̀lú òfo ló máa jáde. Agbọ̀n lè jẹ́ ₦600 kí àpò jẹ́ ₦1,600, agbọ̀n lè jẹ́ ₦1,000 kí àpò jẹ́ ₦1,000, gbogbo rẹ̀ ni yóò bá ọjọ́ méjèèjì mu, torí pé ẹlẹ́rìí kan náà ló wọ aṣọ méjì wá sí kóòtù. Bàbá, ọjọ́ kan tí máńgòrò àti kaṣú ò bá wà ní ìwọ̀n kan náà lẹ nílò. Bí àpẹẹrẹ, agbọ̀n 5 àti àpò 8.

Bàbá Kaṣú (Ajé, 8:40 alẹ́)

Mo bi awakọ̀. Ó ní òun ò rántí ₦500 kankan. Lọ́jọ́bọ̀ mo fẹ́ kó kaṣú nìkan, kò sí agbọ̀n kankan níbẹ̀. Ṣé ìyẹn náà yóò ṣiṣẹ́?

Awọnlẹ̀ Ọ̀yọ́ (Ajé, 8:52 alẹ́)

Yóò ṣiṣẹ́ jùlọ, Bàbá. x ti pa ara rẹ̀ rẹ́ nìyẹn. Ẹ kàn fi iye àpò pín owó. Tí ẹ bá wá gbé y yẹn sínú ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ kejì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iye agbọ̀n tí yóò jáde ní ọjọ́ méjèèjì kò ní dọ́gba, ẹ ó sì rí i bóyá iye tó jáde ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ló jọ iye tí ẹ mọ̀ pé wọ́n ń gbà lórí agbọ̀n kan, tàbí ti ọjọ́ kejì.

Ìyá Ìbejì Tákíẹ́ (Ìṣẹ́gun, 7:25 alẹ́)

Mo padà wá jábọ̀. Àná ni mo mú ìbéèrè mìíràn nínú ìwé wọn fún àwọn ìbejì méjèèjì, mi ò jẹ́ kí wọ́n jókòó pọ̀:

```
 9x −  8y = 12   (1)
15x − 14y = 18   (2)
```

Táyé sọ òkè di ìlọ́po 5, ó sọ ìsàlẹ̀ di ìlọ́po 3, ó kọ 45x − 40y = 60 àti 45x − 42y = 54. Nígbà tó fẹ́ yọ, ó fi àkámọ́ yí −42y ká gẹ́gẹ́ bí Àgbà ṣe kọ ọ́, ó ń sọ lábẹ́ ètè pé "gbèsè 40, yọ gbèsè 42 kúrò". Ó dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí gbèsè tí wọ́n fẹ́ yọ ju gbèsè tí èèyàn náà jẹ lọ. Ó bi mí léèrè, mo ní tí wọ́n bá san gbèsè rẹ tán tó tún ku 2 lọ́wọ́ wọn, ta ló ni ín? Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ 2y = 6. y = 3. Inú (1) ló ti wá x, 9x = 36, x = 4. Ó wá ṣí ìwé ìbéèrè padà, ó fi wọ́n sínú (2): 60 − 42 = 18.

Kẹ́hìndé gba ọ̀nà awọnlẹ̀. Ó yọ òkè kúrò nínú ìsàlẹ̀ bó ṣe wà, 6x − 6y = 6, ó ní x − y = 1. Ó sọ ìyẹn di ìlọ́po 8, ó yọ 8x − 8y = 8 kúrò nínú (1), x = 4 jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó parí kí Táyé tó kọ ìlà kẹta. Ṣùgbọ́n kò yẹ ẹ́ wò rárá. Mo ní kó padà lọ pe ẹlẹ́rìí rẹ̀ méjèèjì, ó sì lọ.

Ìjà tó wà nílé báyìí ni pé Táyé ní olùkọ́ àwọn ò ní gba ọ̀nà Kẹ́hìndé torí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ inú ilé yìí, ṣé lóòótọ́ ni? Mo fẹ́ lọ rí olùkọ́ náà lọ́la nípa iṣẹ́ tó fà já, torí ìlọ́po 3 àti ìlọ́po 2 tí Táyé kọ tọ̀nà, mo sì rò pé ó yẹ kó ní máàkì díẹ̀ níbẹ̀.

Àgbà Olùkọ́ Ọ̀yọ́ (Ìṣẹ́gun, 8:03 alẹ́)

Ní tèmi, n ó gba ti Kẹ́hìndé, mà, tó bá kọ ìlà tó ti yọ (1) kúrò nínú (2) síbẹ̀ kí n lè rí i. Pípa lẹ́tà rẹ́ náà ni. Tó bá kàn kọ x − y = 1 láìsọ ibi tó ti wá, n ó fi ìbéèrè síbẹ̀. Olùkọ́ mìíràn lè má gbà. Ní ti máàkì Táyé, èmi máa ń fún ọmọ ní máàkì ìlọ́po tó bá tọ̀nà, kódà bí ìyókù bá bàjẹ́. Ẹ mú ìwé náà dání, kí ẹ fi ibi tí 31 ti wọlé hàn án. Kí Táyé fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé rẹ̀.

Bàbá Kaṣú (Ọjọ́bọ̀, 6:58 alẹ́)

Àpò kaṣú 7, awakọ̀ gba ₦11,900. ₦1,700 lórí àpò kan. Mo gbé e sínú ọjọ́ àkọ́kọ́, agbọ̀n jẹ́ ₦533 àti kọ́bọ̀. Mo gbé e sínú ọjọ́ kejì, ó jẹ́ ₦588 àti kọ́bọ̀. Kò sí awakọ̀ tó ń gba kọ́bọ̀ lórí agbọ̀n. Mo tún ń bọ̀ wá, ó dà bíi pé owó páàkì wà nínú ti òní náà.